Bádímíntìn ẹlẹ́ni méjì: ṣé kí ẹ tò síwájú-sẹ́yìn ni àbí kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín?

Síwájú-sẹ́yìn wà fún ìkọlù: ẹni ẹ̀yìn á máa gbá ṣọ́tù, ìyẹn bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ náà, mọ́lẹ̀, ẹni iwájú á pa èyí tó bá padà wá lẹ́bàá àwọ̀n. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ṣófo. Ẹ̀gbẹ́-sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà fún ààbò: kálukú á ṣọ́ bíi mítà 3 nínú ìbú mítà 6.1. Àárín ni wàhálà rẹ̀ wà, tí rákẹ́ẹ̀tì méjì á gbára wọn.

Ṣọ́tù ló ń sọ ìgbà tí ẹ ó yí. Bí ẹ̀yin bá gbé e sókè, ẹ pín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn alátakò yín tó gbá a: ẹni tó gbé e láti iwájú á fà sẹ́yìn tààrà, ẹnì kejì á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo. Bí àwọn alátakò bá gbé e, ẹni tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á lọ gbá a, èkejì á sáré síwájú.

Ní pápá ìta l'Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò ọyẹ́, bí ẹ bá kọjú sí afẹ́fẹ́, ṣọ́tù tí ẹ gbé kì í dé ẹ̀yìn. Ẹ tètè pín.