Mọ́ọ̀kì Ìṣirò fún Wáẹ́ẹ̀kì: Ti Onífótókọ́pì àbí Ti Àwọn Olùkọ́?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ SS3 nírọ̀lẹ́ l'Ábẹ́òkúta, oríṣi mọ́ọ̀kì méjì lẹ máa rí rà. Ọ̀kan ni tàwọn onífótókọ́pì. Ìkejì ni èyí táwọn olùkọ́ Ìṣirò mélòó kan kóra jọ kọ.

Ti onífótókọ́pì dínwó, kò sì síbi tẹ́ ò ti ní rí i. Ti àwọn olùkọ́ ni àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù.

Ibi tówó mi ti gbé ni bí wọ́n ṣe pín orí ẹ̀kọ́. Mo ra ti onífótókọ́pì fún gbogbo ọmọ tí mò ń kọ́. Tẹ́ ẹ bá kà á, iye rẹ̀ pé bíi ti Wáẹ́ẹ̀kì: ọbujẹ́tíìfù 50, tíọ́rì 13. Nínú tíọ́rì yìí, márùn-ún àkọ́kọ́ ni dandan, máàkì 40. Nínú mẹ́jọ tó kù, ọmọ á mú márùn-ún, máàkì 12 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ gbà á dáadáa, inú wa dùn.

Ìgbà tí mo wá kọ orí ẹ̀kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé mẹ́ta nínú mẹ́jọ yẹn ló jẹ́ sitatísítíìkì, méjì sì jẹ́ áljíbírà. Márùn-ún ti pé nìyẹn! Ọmọ lè kó máàkì 60 láìfọwọ́ kan rúlà. Mo bá fún ọ̀kan nínú àwọn tó gbà á jù ní ìbéèrè bíárínì: láti P dé Q jẹ́ kìlómítà 8 lórí 065°, láti Q dé R jẹ́ 6 lórí 155°; báwo ni P ṣe jìnnà sí R tó? Kò fa ìlà àríwá tuntun ní Q, P ló ti wọn 155° náà. Ẹni tó bá fà á ní Q á rí i pé bíárínì láti Q padà sí P jẹ́ 245°, pé 245 yọ 155 kù 90, igun náà gún régé, kìlómítà 10 sì ni ìdáhùn. Mọ́ọ̀kì yẹn kò jẹ́ ká tètè mọ̀ pé kò yé e.

Nínú ti àwọn olùkọ́, sitatísítíìkì kò ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́jọ náà. Bíárínì wà níbẹ̀, òbìrí wà níbẹ̀, gíráàfù náà wà níbẹ̀; ọmọ tó bá fẹ́ sá fún gbogbo wọn kò ní rí ju márùn-ún lọ mú, kò sì ní lè fo ọ̀kankan nínú wọn. Ó máa ń le ju Wáẹ́ẹ̀kì gan-an lọ nígbà míì, èyí sì lè já ọmọ tí kò lágbára láyà. Àmọ́ ìwé ìdáhùn rẹ̀ fi máàkì sórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ eré ìyára lórí ọbujẹ́tíìfù lẹ fẹ́, ti onífótókọ́pì tó. Fún tíọ́rì, ẹ fowó kún un. Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ kọ́kọ́ mú pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ kọ orúkọ orí ẹ̀kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́jọ ìkẹyìn yẹn níwájú ẹni tó ń tà á. Tí orí kan bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ dá a padà fún un.