IF àbí SUMPRODUCT fún owó-orí onípele nínú Excel?

Láti 2026, òfin owó-orí Nàìjíríà kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Ó ń gba 15% títí dé ₦3,000,000, lẹ́yìn náà 18% títí dé ₦12,000,000, títí yóò fi dé 25%.

IF rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n iye owó-orí àwọn ìpele tó ti kọjá, bíi 330000, ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Tí òfin bá yí, gbogbo rẹ̀ lo máa tún kọ. SUMPRODUCT ń ka tábìlì ni:

```
=SUMPRODUCT((B2>$E$2:$E$6)*(B2-$E$2:$E$6)*$F$2:$F$6)
```

B2 ni owó ọdún tí a fẹ́ ṣírò owó-orí lé lórí. E ni ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀: 800000, 3000000, 12000000, 25000000, 50000000. F ni ohun tí ìpele fi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ: 15%, 3%, 3%, 2%, 2%. Ibí gan-an ló ti ń dàrú. Lórí ₦5,000,000, 4,200,000 lọ́nà 15% jẹ́ 630,000, 2,000,000 lọ́nà 3% jẹ́ 60,000, àpapọ̀ 690,000. Tó bá gbé 990,000 jáde, 18% lo kọ síbi tí 3% yẹ kó wà.

Fún ìpele méjì tàbí mẹ́ta tí ẹlòmíì máa yẹ̀ wò, IF tó. Fún ìwé owó-oṣù òṣìṣẹ́ púpọ̀, SUMPRODUCT ni màá lò.