Àgbéyẹ̀wò mi: lẹ́sìnnì máàtì ìrọ̀lẹ́ kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, lórí íńtígírà sin àti cos tó ní agbára

Mi ò ní dárúkọ lẹ́sìnnì yìí, torí mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò nípa háńdáòtì wọn, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tó bá ń gbé agbègbè Lágere á mọ irú ibẹ̀: ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí, bọ́ọ̀dù funfun kan wà níwájú, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn.

Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni pé wọn ò kọ́ wa ní àkọ́sórí. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀ ni ∫ sin³x cos²x dx. Ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ wo agbára ná, ẹ má tíì mú bírò.” Agbára sin jẹ́ 3, kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Òun la máa bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. A yọ ẹyọ sin x kan sọ́tọ̀, ó lọ bá dx. Sin²x tó kù, a sọ ọ́ di 1 − cos²x. Lẹ́yìn náà, a fi u rọ́pò cos x, tó fi jẹ́ pé du = −sin x dx. Ohun tó délẹ̀ wá ni:

−∫ (1 − u²) u² du = u⁵/5 − u³/3 + C

Tí a bá dá cos x padà sí àyè u, ìdáhùn ni cos⁵x/5 − cos³x/3 + C.

Mo bi í pé kí ló dé tí a ò yọ ọ̀kan lára cos²x dípò. Ó fi hàn mí lórí bọ́ọ̀dù. Bí a bá yọ cos x kan, cos x kan ṣoṣo ló máa kù, bẹ́ẹ̀ sin²x + cos²x = 1 kò mọ nǹkan kan ju onílọ́po méjì lọ. A ó wá kó sínú √(1 − u²), iṣẹ́ á sì le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí yẹn gan-an ló yé mi jù lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà.

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú du ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbàgbé. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú un dára gan-an: ẹ ṣe ìṣirò náà láti 0 dé π/2. Láàárín ibẹ̀, sin³x cos²x kì í bọ́ sábẹ́ òdo, nítorí náà ìdáhùn ò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìyọkúrò. 2/15 ló yẹ kó jáde. Ẹni tó bá rí −2/15 ti gbàgbé àmì, tàbí kó jẹ́ pé ó to ààlà u sódì, láti 0 dé 1: u bẹ̀rẹ̀ ní 1, ó parí sí 0.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò rèé. Ìbéèrè kan nínú háńdáòtì náà ni ∫ sin³x cos³x dx. Agbára méjèèjì ló ṣeé bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé: sin⁴x/4 − sin⁶x/6 + C. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí fi u rọ́pò cos x, ó rí cos⁶x/6 − cos⁴x/4 + C, ẹni tó ń máàkì sì fa igi lé e lórí. Inú bí mi, torí ọmọ náà gbà á.

Ẹ fi x = 0 sí i: ti ìwé jẹ́ 0, tirẹ̀ jẹ́ −1/12. Ẹ fi x = π/2 sí i: ti ìwé jẹ́ 1/12, tirẹ̀ jẹ́ 0. Àlàfo kan náà ni, 1/12, C ló sì gbé e mì. Ibi méjì péré ò tíì tó ẹ̀rí o. Ẹ̀rí tó dájú ni kí a dífáréńṣíéètì tirẹ̀: ó di sin x cos³x − sin x cos⁵x, ìyẹn sin x cos³x (1 − cos²x), èyí tó jẹ́ sin³x cos³x gan-an. Ẹ̀gbọ́n gbà fún un nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n háńdáòtì tuntun tí wọ́n tẹ̀ kò tíì fi gbólóhùn kan kún un.

Ti agbára tó ṣeé pín sí méjì lápá méjèèjì, bíi sin²x cos²x, wọ́n sáré kọjá níbẹ̀. Ọ̀nà gígùn ni wọ́n gbà. Ẹni tó bá rántí pé sin x cos x = (sin 2x)/2 á tètè dé (1 − cos 4x)/8, ìdáhùn á sì jẹ́ x/8 − (sin 4x)/32 + C.

Owó wọn kò wọ́n, wọ́n sì máa ń fi sùúrù dáhùn ìbéèrè. Mo gbà yín níyànjú láti lọ, ṣùgbọ́n bí ìdáhùn yín bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn ìwé, ẹ dífáréńṣíéètì rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fagi lé e. Ẹ tètè dé pẹ̀lú, torí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kì í rí bọ́ọ̀dù dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.