Bíríkì òjé fún Sísíọ́mù-137 àti fún Kòbáàtì-60: èwo ló tó, èwo ni kò tó?

Ohun tí àwọn tó fẹ́ ra òjé sábà máa ń bi ọlọ́jà ni pé, "Báwo ni bíríkì yín ṣe nípọn tó?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ ó yẹ kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́, "Orísun ìtànṣán wo ni mo fẹ́ fi bò?" Ẹ jẹ́ ká fi méjì wéra: Sísíọ́mù-137, tí àwọn tó ń yẹ inú kànga epo rọ̀bì wò ń lò, àti Kòbáàtì-60, tí àwọn ilé ìwòsàn ti ń fi tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ tipẹ́.

Nọ́ńbà kan wà tí à ń pè ní μ. Ó ń sọ bí òjé ṣe ń dín ìtànṣán gámà kù ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ti Sísíọ́mù nínú òjé jẹ́ nǹkan bí 1.25, ti Kòbáàtì jẹ́ 0.67, nítorí pé ìtànṣán Kòbáàtì lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Láti ara μ la ti ń rí HVL, ìyẹn ìnípọn òjé tó ń dá ìtànṣán sí méjì, tó ń jẹ́ kí ìdajì péré kọjá.

```
I = I0 × e^(-μx)
HVL = 0.693 / μ
```

I0 ni ìtànṣán tó dé ojú òjé, I ni èyí tó kọjá, x sì ni ìnípọn òjé ní sẹ̀ǹtímítà. Bẹ́ ẹ bá ṣírò HVL, ẹ ó rí mílímítà 5.5 fún Sísíọ́mù àti 10.3 fún Kòbáàtì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣì í. Ìtànṣán tó gba ojú ihò tóóró kọjá ni ìṣirò yìí wà fún. Kò ka èyí tó kọlu òjé, tó yà bàrà, tó sì tún jáde sí ọ̀dọ̀ yín. Fún ògiri tí èèyàn máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀, 6.5 àti 12 ni kí ẹ lò. Bí ìwé ọlọ́jà bá kọ HVL láìsọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ béèrè.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán fi 320 µSv/h hàn níbi tí òṣìṣẹ́ máa jókòó sí, mítà kan sí orísun, kí a tó gbé òjé kankan síbẹ̀. Ẹ fẹ́ kó wálẹ̀ sí 10, torí pé ẹni tó bá fi wákàtí 2000 ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún kan á gba 20 mSv, òté tí ọ̀pọ̀ òfin fi sí i fún òṣìṣẹ́. Bí a bá dá 320 sí méjì lẹ́ẹ̀márùn-ún, 10 ló máa kù. Nítorí náà HVL márùn-ún la nílò: mílímítà 32.5 fún Sísíọ́mù, 60 fún Kòbáàtì. Ẹni tó bá fi 5.5 ṣírò ti Sísíọ́mù á ra mílímítà 28, ẹ̀rọ á sì máa ka nǹkan bí 16 fún un.

Ẹ wá gbé bíríkì tó wọ́pọ̀ lọ́jà síbẹ̀, èyí tó nípọn ní mílímítà 50, tó gùn ní 200, tó fẹ̀ ní 100. Lẹ́yìn ìpele kan ṣoṣo, Sísíọ́mù á wálẹ̀ sí 1.5 µSv/h. Bíríkì kan náà á fi nǹkan bí 18 sílẹ̀ fún Kòbáàtì. Fún Sísíọ́mù, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ra ju ìpele kan lọ nínú àpẹẹrẹ yìí. Fún Kòbáàtì, ẹ lè fi pátákó òjé oní-mílímítà 10 kún un, tàbí kẹ́ ẹ to bíríkì ní ìpele méjì. Àmọ́ ẹ wo ìwúwo rẹ̀ ná: ògiri tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn àti ní gíga máa gba bíríkì 18, ó sì máa wọn kílò 204. Ìpele méjì á wọn 408, tábìlì lásán ò lè gbé e.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà kẹta ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ sún àga sẹ́yìn láti mítà kan sí mítà kan àbọ̀. Bí orísun bá kéré, 18 yẹn á di 8, láìra òjé kankan kún un.

Ní ti aṣọ òjé oní-mílímítà 0.5 tí wọ́n ń wọ̀ níbi ẹ̀rọ ẹ́síréè, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí. Nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán Sísíọ́mù, bíi mẹ́fà ló máa dá dúró. Ti Kòbáàtì, bíi mẹ́ta.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé bíríkì kan sórí òṣùwọ̀n. Bí òjé rẹ̀ bá jẹ́ ògidì, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì pé bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, kílò 11.35 ló máa wọn. Bó bá fúyẹ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n fi irin mìíràn kún un kó lè le. Bó bá fúyẹ́ púpọ̀, ihò wà nínú rẹ̀. Ẹ tún wo etí rẹ̀: bíríkì tí etí rẹ̀ gún bíi lẹ́tà V máa ń wọnú ara wọn, ìtànṣán kì í sì rí ojú gbọnrangandan gbà kọjá. Bó bá jẹ́ elétí pẹrẹsẹ lẹ rà, ẹ to ìpele méjì tó tín-ín-rín kí ojú ìpàdé wọn má ṣe bára mu, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ yín tọ ojú ìpàdé kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Níbi tí nọ́ńbà bá ti fò sókè lójijì, àlàfo wà níbẹ̀.