Fótò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ mi l'Óṣogbo: wọ́n yà á dáadáa, kọ̀ǹpútà ló bà á jẹ́

Mi ò ní dárúkọ sítúdíò yìí, àmọ́ agbègbè Òkè-Fìà ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni mo mú ọmọ mi obìnrin lọ nígbà tó parí ilé ìwé girama. Mo sanwó fótò ńlá kan, íǹṣì 16 sí 20, pẹ̀lú férémù, àti kéékèèké díẹ̀ tí a máa pín fún ẹbí.

Níbi yíyà, mo gbóṣùbà fún wọn. Ọkùnrin tó di kámẹ́rà mú ní sùúrù. Ó gbé iná ńlá tí wọ́n fi aṣọ funfun bò sí ọwọ́ òsì, ó sì gbé pátákó funfun sí ọwọ́ ọ̀tún kí òjìji má baà ṣú bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Adúmáadán lọmọ mi, irú iná bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń gbé àwọ̀ dúdú yọ. Ó fi hàn wá lẹ́yìn kámẹ́rà, inú wa dùn.

Ọjọ́ tá a lọ gbà á ni nǹkan yí padà. Wọ́n tú bébà kúrò lára férémù, ọmọ mi wò ó títí, ó wá dojú rẹ̀ délẹ̀ láti wo orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, ṣé wọn ò ti pààrọ̀ tèmi mọ́ ti ẹlòmíì báyìí?"

Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Yẹtí tí mo yá a ló wà létí ọmọbìnrin inú fótò náà. Ṣùgbọ́n èéjí rẹ̀ ti dí pa, èéjí tó jẹ́ ti ìyá mi gan-an, tí wọ́n fi ń ki gbogbo obìnrin ilé wa. Àpá kékeré òkè ojú rẹ̀ ti pòórá. Imú tín-ín-rín, àgbọ̀n ṣóńṣó, ojú pupa tí kò ní ihò irun kankan. Ọwọ́ tó fi di ìwé-ẹ̀rí mú nìkan ló ṣì dúdú bó ṣe yẹ, bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo tún rí i pé ìlà tó wà lára aṣọ ìkélé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ gbọọrọ ni ìlà yẹn. Ibi méjèèjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wò, ọwọ́ àti ìlà ẹ̀yìn, torí wọ́n sábà máa ń gbàgbé wọn.

Mo ní kí ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fi bó ṣe ṣe é hàn mí. Nínú Photoshop, Liquify ló fi ti imú àti àgbọ̀n wọlé, òun ló sì fa ìlà aṣọ ìkélé mọ́ ọn. Gaussian Blur ló fi pa awọ rẹ́. Clone Stamp ló fi da eyín sí èéjí. Ó wá fi Curves gbé ìmọ́lẹ̀ ojú sókè, kò sì dé ọwọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ̀mí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn." Ọmọ mi dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò bi mí."

Ó ti pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan kó tó tọ́jú rẹ̀, kò sì ṣeé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ohun tó kó wa yọ ni pé ojúlówó fótò náà ṣì wà nínú káàdì kámẹ́rà. A jókòó tì í. Ó fi Healing Brush yọ irorẹ́ méjì, ó pa òógùn tó ń dán níwájú orí, ó sì mú abẹ́ ojú mọ́lẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú Opacity tí kò ju 20% lọ. Ó tán. Ohun tí yóò kúrò lójú fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì, ẹ yọ ọ́. Àpá àti èéjí kò sí nínú ìyẹn, àfi tí ẹni tó ni ojú bá ní kí ẹ mú un kúrò.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọn ò fi hàn wá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù lẹ́yìn náà kéré, ó sì rẹwà lójú, torí fóònù kì í fi awọ tí wọ́n ti pa rẹ́ hàn. Lórí kọ̀ǹpútà, ní 100%, ẹ ó rí i kíá. Mo ṣì máa mú àbúrò rẹ̀ lọ síbẹ̀ torí ọkùnrin oníkámẹ́rà yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní san kọ́bọ̀ títẹ̀ kí n tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà wọn.

Tí ọ̀gá wọn bá ń ka èyí: ìdajì owó tí ẹ tún gbà lọ́wọ́ mi láti tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tọ́ sí yín. Mo ti béèrè rẹ̀, mo sì ń retí rẹ̀.