Kí ẹ̀rọ sọ ṣáàtì di dúdú àti funfun, àbí kí a tún un kùn?

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Kàbà, “Print in grayscale” ló yá jù: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Fún ọ̀rọ̀ àti fọ́tò, kò sí wàhálà. Ṣáàtì ló ń bà jẹ́. Ká ní ọ̀pá iṣu nínú ṣáàtì jẹ́ pupa (255,0,0), tí ti ẹ̀gẹ́ sì jẹ́ àwọ̀ ewé (0,128,0). Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń fi sọ àwọ̀ di eérú rèé; R ni pupa, G ni àwọ̀ ewé, B ni búlúù:

```
0.299R + 0.587G + 0.114B
```

Iṣu di 76, ẹ̀gẹ́ di 75. Eérú kan náà! Ta ló máa mọ èwo ni iṣu?

Ọ̀nà kejì gba sùúrù, àmọ́ òun ni mo fara mọ́. Nínú Excel, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀pá ẹ̀gẹ́, ẹ yan “Format Data Series”, kí ẹ wá fún un ní ìlà ìdábùú lábẹ́ “Pattern fill”. Ẹ kun iṣu ní dúdú. Bí wọ́n bá tún ṣe fọ́tókópì rẹ̀, eérú fẹ́ẹ́rẹ́ lè pòórá, ìlà kì í tètè parẹ́. Bó bá jẹ́ ṣáàtì onílà ni, “Dash type” ni kí ẹ yí padà.