Tutóríà akáńtì kan ní Kábà: máàkì 2 nínú 10 lórí bọ́ǹdì tí wọ́n tà ní dísíkáòntì

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lọ sí tutóríà ICAN kan ní Kábà, Sátidé láàárọ̀ àti Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyàrà ni mo sì ti ń gun ọ̀kadà wá. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa àga, fáànù àti jẹnẹrétọ̀, gbogbo yín lẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú mi kọ èyí, ìbéèrè máàkì 10 tí wọ́n fún mi ní 2, tí inú sì bí mi débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè náà rèé. Kọ́ńpìnì kan ta bọ́ǹdì ₦10,000,000 ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún, ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa fi san án, èlé tí wọ́n kọ sójú ìwé ẹ̀ jẹ́ 8 pásẹ́ńtì, ìparí ọdún ni wọ́n ń san án, ìyẹn ₦800,000 lọ́dọọdún. Àmọ́ ₦9,502,630 péré làwọn èèyàn san fún un, torí lásìkò yẹn èlé 10 pásẹ́ńtì ni ọjà ń béèrè. Ẹ sọ iye owó èlé tó máa wọ ìwé èrè àti òfò ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ₦950,263 fún ọdún kìíní, ₦965,289 fún ìkejì, ₦981,818 fún ìkẹta. Wọ́n fa igi pupa sí gbogbo ẹ̀, wọ́n kọ ₦965,790 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo mú ìwé mi lọ bá tísà tó máàkì ẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Aǹtí, ẹ tẹ̀lé hándáòtì, dísíkáòntì ₦497,370 la máa pín sí mẹ́ta, ₦165,790 lọ́dún kan, ká wá fi kún ₦800,000." Mo ní bùrọ̀dá, èlé gbọ́dọ̀ tẹ̀lé gbèsè, gbèsè ò sì dúró sójú kan. Ó ní, "Aǹtí, ẹ ro gbogbo tiyín pọ̀, ẹ ro tèmi náà." Mo rò ó, ₦2,897,370 ni méjèèjì jẹ́. Ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé ẹ ti rí i báyìí, kí lẹ wá ń bínú sí? Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí mo mọ̀ pé mo jàre àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó yé e, àròpọ̀ méjèèjì sì dọ́gba lóòótọ́, àwọn tá a jọ jókòó ti ń sọ pé kí n jẹ́ kó lọ torí àtiwọlé sí ìdánwò.

Mo fẹ́ lọ gba owó mi padà. Hándáòtì yẹn, owó ni mo fi rà á, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń tà á, a ò sì lè wọlé tá ò bá ní i lọ́wọ́. Akọ̀wé wọn ló dá mi dúró, obìnrin kan tó jẹ́ pé ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má tíì lọ, Bàbá ń bọ̀ ní aago mẹ́rin." Bàbá yìí ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, akáńtáńtì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Mo jókòó dè é, ó dé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé ìwé fún un. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, bóòdù la máa fi yanjú ẹ̀." Ó pe gbogbo kíláàsì wọlé, tísà yẹn náà jókòó.

Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló máa ra bọ́ǹdì tó ń san 8 ní ₦10,000,000 tí ẹlòmíì bá wà níta tó ń san 10? Ó mẹ́nu ba àwọn ará Ọbájánà níbí, ó ní ṣé ẹ rí Dangote Cement, ní 2020 wọ́n ta bọ́ǹdì ₦100 bílíọ̀nù, ọdún márùn-ún, 12.5 pásẹ́ńtì, pé bó bá jẹ́ 10 pásẹ́ńtì ni wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà tí ọjà ń béèrè 12.5, àfi kí wọ́n gé iye tí wọ́n ń tà á kó tó rí ẹni rà. Dísíkáòntì yẹn, èlé ni. Èlé tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn tí wọ́n máa san pa pọ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣe é torí ìgbà yẹn ló yé mi dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a jẹ ₦9,502,630, iye tó wọ ọwọ́ wa nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún kan, 10 pásẹ́ńtì ẹ̀ jẹ́ ₦950,263. A san ₦800,000 nínú ẹ̀. Bàbá dúró, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó béèrè lọ́wọ́ tísà yẹn gan-an pé, "₦150,263 tó kù, ibo ló wà?" Tísà ní a ò tíì san án. "Tá ò bá tíì san án ńkọ́?" Tísà ní ó ti di gbèsè. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Gbèsè wa di ₦9,652,893, orí ẹ̀ la máa ti ka èlé ọdún kejì, ₦965,289. Ẹ yọ ti ọdún kìíní kúrò nínú ẹ̀, ₦15,026 ló máa kù, 10 pásẹ́ńtì ₦150,263 tá ò san gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo pariwo. Ìdí tí owó èlé fi ń ga lọ́dọọdún nìyẹn, kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀, èlé tá ò san ń jẹ èlé. Ọdún kejì, ₦165,289 tún kún un, gbèsè di ₦9,818,182, èlé ọdún kẹta jẹ́ ₦981,818, nígbà tá a bá san ₦800,000 ìkẹyìn, ₦10,000,000 gan-an ló kù, tá a máa kó fún wọn.

Ó wá padà sọ́dọ̀ ₦965,790 inú hándáòtì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní ká fi gbèsè tó wà níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan pín in. Ọdún kìíní, 10.16 pásẹ́ńtì. Ọdún kejì, gbèsè jẹ́ ₦9,668,420, ó bọ́ sí 9.99. Ọdún kẹta, ₦9,834,210, ó bọ́ sí 9.82. Ó ní, "Gbèsè kan náà, ẹni kan náà la yá a lọ́wọ́, ìwé kan náà la buwọ́ lù, báwo ni èlé ẹ̀ ṣe wá ń wálẹ̀ nígbà tí gbèsè ń ga?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ìdáhùn tí mo ti ń wá láti àárọ̀ nìyẹn. Àròpọ̀ ọdún mẹ́ta dọ́gba, ọdún kọ̀ọ̀kan ni ò dọ́gba, ọdún kọ̀ọ̀kan la sì ń ṣe ìwé èrè àti òfò fún. Ó ní 10 pásẹ́ńtì yẹn ni IFRS 9 ní ká lò, ọjọ́ tá a ta bọ́ǹdì la ti mọ̀ ọ́n, bí èlé ọjà bá tiẹ̀ gòkè lọ́dún kejì a ò ní yí i padà fún irú bọ́ǹdì tí èlé ẹ̀ dúró sójú kan yìí. Pípín dọ́gba, ìgbà tí ìyàtọ̀ ẹ̀ bá kéré débi tí kò jẹ́ nǹkankan nínú ìwé kọ́ńpìnì nìkan ni ọ́dítọ̀ lè gbójú fò ó.

Tísà yẹn dìde, ó ní, "Aǹtí, ẹ má bínú," ó gba ìwé mi, ó máàkì ẹ̀ padà níwájú gbogbo wa, 10 nínú 10. Mo gbóríyìn fún un gan-an, èèyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tó ń kọ́ ò wọ́pọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó ní àṣìṣe tirẹ̀, mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é. Ó kọ́kọ́ yọ ₦800,000 kó tó ka èlé, ó bá rí ₦870,263 lọ́dún kìíní. Ìyẹn bójú mu tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ń san owó náà, àmọ́ ìparí ọdún ni tiwa. Bàbá ní kó máa ṣe é lọ títí dé òpin kó fojú ara ẹ̀ rí i, gbèsè ẹ̀ parí sí ₦9,735,201 dípò ₦10,000,000. Báyìí lèèyàn ṣe máa mọ̀: tí òpin ò bá bọ́ sórí iye tá a máa san padà, ju náírà kan tàbí méjì tí ìkékúrú nọ́ńbà fà lọ, àṣìṣe wà lókè.

Nígbà tí mo délé mo tún fi kọ̀ǹpútà wò ó. Tí wọn ò bá fún yín ní 10 pásẹ́ńtì yẹn, ẹ tẹ èyí sínú Excel:

```
=RATE(3,-800000,9502630,-10000000)
```

Owó tó wọlé ò ní àmì òdì, owó tó jáde ló ní in, tẹ́ ẹ bá fi àmì kan náà sí gbogbo ẹ̀, `#NUM!` ló máa gbé jáde. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí kò sí kọ̀ǹpútà, ẹ gbìyànjú 9 kẹ́ ẹ rí ₦9,746,871, ẹ gbìyànjú 11 kẹ́ ẹ rí ₦9,266,886, ẹ máa rí i pé àárín wọn ló wà.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kejì rèé, èyí ò sì tíì tán nínú mi. Ojú ewé kejì hándáòtì yẹn ní owó lọ́yà àti owó àwọn tó bá wa ta bọ́ǹdì, ká kó o sínú ìnáwó ọdún kìíní lẹ́ẹ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún bọ́ǹdì tá a máa gbé bí amortised cost, irú tiwa yìí. Ẹ̀ẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú owó tó wọlé ni. Ká ní ₦150,000 ni, ₦9,352,630 ló máa jẹ́ gbèsè ọjọ́ àkọ́kọ́, èlé tó bá a mu á wá sún mọ́ 10.63 pásẹ́ńtì, gbogbo owó èlé ọdún mẹ́ta á di ₦3,047,370, ₦150,000 yẹn á wà nínú ẹ̀ káàkiri ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi han Bàbá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ó dúpẹ́, ó ní àwọn máa tún un tẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Bàbá yẹn, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní akáńtì bíi tiẹ̀ rí, ẹ lọ jókòó síwájú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Mọ́pà tàbí Ìsánlú pàápàá. Akọ̀wé wọn, èèyàn dáadáa. Àmọ́ ní àná, hándáòtì kan náà ṣì wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, ₦965,790 ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ sì ń ka owó lọ́wọ́ láti rà á. Mo pè é sẹ́yìn, mo fi bírò kọ ₦950,263, ₦965,289 àti ₦981,818 sínú tiẹ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.